Orin Tí Díjéè Kò Ní

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan kò fi ọkàn mi sílẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé, nínú riyúníọ̀n tí àwọn tó jáde ilé-ìwé girama láàárín 1990 sí 1999 ń ṣe ní Àbújá, díjéè á lo wákàtí méjì gbáko lórí orin tó lókìkí jù láyé ìgbà náà, àwọn èèyàn á máa mi orí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì padà sídìí fóònù wọn? Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣèèṣì gbé orin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì rí, orin tí wọ́n máa ń kọ lọ sí pápá lọ́jọ́ ìdíje eré ìdárayá, gbogbo gbọ̀ngàn á dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n dìde.

Àwọn tó bá ti bá ìgbìmọ̀ riyúníọ̀n ṣètò orin yóò mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe díjéè. Díjéè tó mọṣẹ́ gan-an náà ń bá a pàdé. Èmi gbà pé ìdáhùn náà kò sí nínú bí orin ṣe dùn tó. Ó wà nínú ìgbà tí a gbọ́ ọ kẹ́yìn.

## Ìṣẹ́jú tí gbọ̀ngàn máa ń yí padà

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Gbọ̀ngàn kan ní Útàkò tàbí ní Gárkì, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rìgásà ní Kàdúná ti dé, àwọn tó wá láti Èkó àti Kánò ti jẹun. Díjéè ti gbé Shina Peters, ó ti gbé Boyz II Men, ó ti gbé àwọn Remedies. Àwọn tó ti di ọ̀gá nílé-iṣẹ́ ìjọba jókòó pọ̀, àwọn oníṣòwò jókòó pọ̀, àwọn tí nǹkan kò tíì ṣẹnuure fún jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà. Lójijì, iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, gbọ̀ngàn á dákẹ́ díẹ̀.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni obìnrin kan ti máa ń gbé orin háọ̀sì rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tábìlì kejì á gbè é. Ẹnì kan láti háọ̀sì mìíràn á fi orin tiwọn dá a lóhùn, nítorí pé orin háọ̀sì kì í dá dúró: orin ìbú ni, èyí tí háọ̀sì kan fi ń bú èkejì, ó ń wá èsì. Nígbà tí iná bá fi máa padà, tí díjéè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó ṣì dúró ná. Tábìlì ọ̀gá àti tábìlì ẹnu ọ̀nà á ti tú ká, ọmọ Blúù Háọ̀sì á ti wá ọmọ Blúù Háọ̀sì rí. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ní 1995, bí wọ́n ṣe ń ju apá, ara á rántí rẹ̀ kí orí tó rántí. Ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ orin náà jáde tí o bá bi í níjòókòó á kọ ọ́ tán tó bá ti dìde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn ni ó yẹ ká tú palẹ̀, nítorí pé a lè ṣètò rẹ̀. Kò di ìgbà tí iná bá lọ.

## Ìdí tí orin olókìkí fi ń já wa kulẹ̀

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ti rí i tipẹ́ pé ìrántí ìgbà èwe, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10 títí di 30, ni ó máa ń pọ̀ jù tí ó sì máa ń hàn ketekete jù lọ́kàn àgbàlagbà. Orin ìgbà yẹn náà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi máa ń rò pé bí a bá ṣáà ti gbé orin 1990 sí 1999, iṣẹ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n orin kan kì í pa ìrántí mọ́ bí a bá ń lò ó fún ohun gbogbo. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. «End of the Road» ti Boyz II Men jáde ní 1992, ó sì jẹ́ orin alẹ́ ìdágbére ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lóòótọ́. Láti ìgbà náà, a ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, nínú ọkọ̀, lórí rédíò, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Tó bá dún lónìí, ọgọ́rùn-ún ibi ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, ilé-ìwé kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orin háọ̀sì kò bá wa débi kankan. Inú ọgbà ilé-ìwé la fi sílẹ̀ sí lọ́jọ́ tí a jáde, nítorí náà inú ọgbà yẹn nìkan ló lè mú wa padà sí.

Ẹ jẹ́ ká fi sẹ́ẹ̀tì kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n wọ JSS1 ní 1992 ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ kan ní àríwá, wọ́n jáde ní 1998, ọdún tí Abacha kú ní June 8 nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe WAEC lọ́wọ́. Ẹni tó wọlé ní ọmọ ọdún 11 jáde ní ọmọ ọdún 17. Díjéè á mú «Ace» ti Shina Peters bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ á máa dùn pé òun ti bá wọn dé ilé. Ṣùgbọ́n 1989 ni àwo orin yẹn jáde. Ọmọ ọdún 8 ni sẹ́ẹ̀tì yìí nígbà náà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà. Orin náà lè mú inú wọn dùn, ṣùgbọ́n kò mọ họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn. «Sakomo» ti àwọn Remedies ló súnmọ́ wọn, nítorí pé ìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì àgbà ló gbòde. Síbẹ̀, ohùn orin tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá láti inú orin MC Lyte ti 1996, òun náà sì mú tirẹ̀ láti inú «Liberian Girl» ti Michael Jackson, tó wà nínú àwo 1987. Bí orin kan ṣoṣo yìí bá dún, ẹnì kan ń rántí SS2, èkejì ń rántí fídíò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò nílé.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ṣe kókó fún àwa Yorùbá tí a bí tàbí tí a tọ́ sí Òkè Ọya. Carol Krumhansl àti Justin Zupnick tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013 tó fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ ní ìfàmọ́ra tó lágbára sí orin ìgbà tí àwọn òbí wọn jẹ́ ọ̀dọ́, kì í ṣe orin ìgbà tiwọn nìkan. Àwa mọ èyí láìka ìwé. Ẹni tó dàgbà ní Sábon Gárí ní Kánò gbọ́ Ebenezer Obey àti Sunny Adé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sunday. Bí díjéè bá gbé jùjú ní riyúníọ̀n, pálọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń padà sí. Ó dára, ó sì lè mú omijé wá, ṣùgbọ́n ọmọ Tífì àti ọmọ Haúsá tí wọ́n jọ sùn lórí bọ́ǹkì kan náà fún ọdún mẹ́fà á jókòó, wọ́n á máa wò wọ́n. Mo ti rí i pé ibẹ̀ gan-an ni riyúníọ̀n ti máa ń pín sí ẹ̀yà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀.

## Bí a ṣe ń wá orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mọ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé: «Ẹ dárúkọ orin tí ẹ fẹ́ràn nígbà tí a wà nílé-ìwé.» Ẹni àkọ́kọ́ á dárúkọ orin olókìkí kan, ogún èèyàn á tẹ àmì ọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Èsì àkọ́kọ́ ti dí ojú ìrántí àwọn yòókù.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a má sì bi wọ́n nípa orin rárá. Ìgbà àti ibi ni kí a bi wọ́n. Kí la máa ń kọ lọ́jọ́ Sátidé tí a bá ń gé koríko? Kí la máa ń kígbe pọ̀ tí NEPA bá mú iná dé lásìkò pírẹ́ẹ̀pù? Kí la kọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a borí ilé-ìwé kejì nínú bọ́ọ̀lù? Alẹ́ tó kẹ́yìn táàmù, lẹ́yìn tí a ti di báàgì, orin wo ló ń bọ̀ láti họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin? Kí ẹni náà fi ohùn dáhùn, kó gbà á sórí fóònù, kó kọ ọ́ tàbí kó kùn ún. Ẹ má jẹ́ kó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ń tẹ̀wé á dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọrin, ohùn á fà á kọjá ibẹ̀.

Fún sẹ́ẹ̀tì tó ní èèyàn bí 120, èèyàn 15 ti tó láti bi, bí wọ́n bá wá láti gbogbo háọ̀sì, lọ́kùnrin lóbìnrin, pẹ̀lú àwọn tó ń lọ sílé lójoojúmọ́. Orin tí èèyàn mẹ́rin bá kọ láìgbọ́ ti ara wọn, ẹ mú un. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo bá mú wá, ẹ ṣọ́ra fún un, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tó ṣe JSS ní Kánò tó wá ṣe SS ní Kàdúná. Ilé-ìwé méjì lè dàpọ̀ lọ́kàn rẹ̀, kó sì máa fi gbogbo ọkàn búra pé orin wa ni. Bí ẹ bá kùn ún fún ẹni méjì tó bá a gbé yàrá kan náà, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin yóò yàtọ̀ láti ẹnu kan sí èkejì. Ẹsẹ àkọ́kọ́ àti ègbè máa ń wà digbí, ẹsẹ kẹta ló máa ń sọnù. Kí ìgbìmọ̀ má ṣe jókòó hun ẹsẹ tuntun láti fi dí i, nítorí pé ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀ ni orin ti ń kú. Ègbè lẹ́ẹ̀mejì sàn jù. Bí ti obìnrin bá sì yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀. Àríyànjiyàn lórí èyí tó jẹ́ òótọ́ wà lára ohun tí a wá ṣe.

Orin ìjọba náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Láti May 2024, orin tí a kọ́kọ́ lò láti 1960 ni ó padà di orin orílẹ̀-èdè, òun sì ni ètò máa fi bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì tiwa kò kọ ọ́ ní asẹ́ḿbílì rí. Ti 1978 ni a kọ, èyí tí Benedict Odiase ṣètò ohùn rẹ̀. Àwọn kan á fẹ́ kí a tún kọ ìyẹn fún ìrántí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú ẹsẹ kejì rẹ̀, èyí tó jẹ́ àdúrà. A gbọ́ ẹsẹ kìíní ní pápá bọ́ọ̀lù àti lórí tẹlifíṣàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí a jáde, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹsẹ kejì kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ìlà asẹ́ḿbílì.

## Ohùn ọmọ ọdún 12 kò sí mọ́

Ohun tó máa ń ba orin ilé-ìwé jẹ́ jù ni bí wọ́n ṣe gbé ohùn rẹ̀ ga tó níbẹ̀rẹ̀. Onikíbọọ̀dù á rí ìwé orin ilé-ìwé, á sì lù ú bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìlà kìíní á lọ dáadáa. Nígbà tó bá dé ìlà kẹta, níbi tí ohùn ti gòkè, àwọn obìnrin á dákẹ́, àwọn ọkùnrin á já sísàlẹ̀, orin á tú. Wọ́n á ní àwọn ti gbàgbé orin. Wọn kò gbàgbé. Ohùn ni kò dé ibẹ̀ mọ́.

Ká ní kíì F ni orin náà wà, tí ohùn rẹ̀ tó ga jù jẹ́ dò òkè, tí èyí tó rẹlẹ̀ jù jẹ́ sò ìsàlẹ̀. Ní JSS1, ohùn ọkùnrin kò tíì fọ́, gbogbo ọmọ lè dé F òkè yẹn. Ní ọmọ ọdún 45, ohùn ọkùnrin ti já sísàlẹ̀ tó bí dò kan sí dò kejì, nítorí náà ó lè kọ ọ́ nísàlẹ̀. Obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà nira fún. Ohùn tirẹ̀ kò já tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òkè rẹ̀ ti dín kù bí kò bá máa kọrin déédéé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń yí kíì padà lórí kíbọọ̀dù, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kékeré mẹ́ta, dúdú àti funfun la ń kà. F á di D. Ohùn tó ga jù á di D, èyí tó rẹlẹ̀ jù á di A, tọkùnrin tobìnrin á sì rí i kọ. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní márùn-ún, òkè á rọrùn ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ á pòórá, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tinrín á kàn máa ṣí ẹnu lásán. Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni kí ẹ ní kí obìnrin méjì tí kì í ṣe akọrin kọ ìlà tó ga jù lórí ìjókòó, láìtíì mu omi gbígbóná. Bí wọ́n bá ní láti gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ó ṣì ga.

Ìyára náà ńkọ́? Orin tí a fi ń wọ pápá, ẹsẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Máàṣì ilé-ìwé máa ń súnmọ́ ìṣísẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó wọ agbádá kò lè ṣe é, nǹkan bí 100 ti tó. Ṣùgbọ́n bí orin bá bẹ̀rẹ̀ níjòókòó, á máa falẹ̀ títí á fi dà bí orin ìsìn òkú. Kí wọ́n dìde kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹnu tó tẹ̀lé e.

## Makirofóònù, àga àti àkókò

Ẹni tó gbé orin kò gbọ́dọ̀ di makirofóònù mú. Èyí máa ń ya àwọn ìgbìmọ̀ lẹ́nu. Bí ohùn ẹnì kan bá ń jáde láti inú ẹ̀rọ ńlá, àwọn tó kù á di olùgbọ́, wọn kò ní kọrin mọ́. Nínú òkùnkùn ìgbà tí iná lọ, ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé gbogbo ohùn dọ́gba. Ẹ wá èèyàn mẹ́rin tó mọ orin náà dájú, kí ẹ fi wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn, kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Kí díjéè pa ẹ̀rọ rẹ̀ pátápátá. Bí ó bá kàn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìlù tó ń dún lábẹ́lẹ̀ á da ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn rú.

Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Ẹ to tábìlì ní háọ̀sì-háọ̀sì, kí ẹ fi àwọ̀ háọ̀sì sórí rẹ̀. Orin ìbú nílò ẹni tó máa bú, kí ó mọ ibi tó jókòó sí. Èyí á tún yọ wá nínú kí olówó jókòó ti olówó.

Ní ti àkókò, ìbẹ̀rẹ̀ ètò kò dára, nítorí ìdajì èèyàn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí etí kò tíì di. Bí ẹ bá fẹ́ ka orúkọ àwọn tó ti kú, ẹ kà á ṣáájú oúnjẹ, kí orin tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí orin háọ̀sì. Ìgbìmọ̀ tó bá pa méjèèjì pọ̀ kò ní rí ẹni gbé orin ìbú mọ́ lálẹ́ yẹn.

## Orin tí a máa fi sílẹ̀

Ní àríwá, asẹ́ḿbílì lè jẹ́ ti ìjọba ṣùgbọ́n orin ẹgbẹ́ Kristẹni àti ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn lè kọ ọ́ níbi tiwọn, wọ́n sì máa ń gbádùn rẹ̀. Ẹ má fi sínú ètò gbogbo ilé. Àwọn orin ìbú kan sì wà tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀yà tàbí ara ẹnì kan. Ní 1994, a rò pé àwàdà ni. Ẹni tí wọ́n fi orin náà bú kò gbàgbé.

Èyí tó le jù láti mọ̀ ni orin ìjìyà. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn sínọ̀ kan máa ń mú àwọn ọmọ JSS1 kúnlẹ̀ lóru, wọ́n á ní kí wọ́n máa kọrin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Orin tí sínọ̀ yẹn ń rántí pẹ̀lú ẹ̀rín ni ọmọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rántí pẹ̀lú orúnkún. Òfin tí mo sọ níṣàájú kan èyí náà: orin tí a kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà yẹn á mú ìgbà yẹn padà ní kíkún, rere tàbí burúkú. A lè rí àmì rẹ̀ nínú àwọn ohùn tí a gbà sórí fóònù. Orin tí gbogbo èèyàn fi ìdùnnú kọ ṣùgbọ́n tí ẹni méjì kàn dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n kò kọ ọ́, tí wọ́n sì yára bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ìgbìmọ̀ pe àwọn méjì yẹn ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n fi sùúrù bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Orin mìíràn nínú àwọn tí èèyàn mẹ́rin kọ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.